Kí Wétà Tó Sọ̀rọ̀, Kí Ó Kọ́kọ́ Wọ Ilé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa bá àwọn wétà tuntun sọ nínú ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde níbí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ẹgbẹ́ ló ní ìyàwó tàbí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún ènìyàn, gbogbo wa la sì ń jẹun lójú ọ̀nà.



Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ fún yín bí wétà ṣe ń ṣàlàyé oúnjẹ fún oníbàárà, àti bí ó ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bi í ní ohun tí yóò mu. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ̀ nípa iṣẹ́ wétà. Ẹ̀yin ará mi, kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé àwo ní hótẹ́ẹ̀lì kan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó oṣù mi ni mo sì fi san owó ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó, ó ní kí n gbé iyán àti ẹ̀gúsí wá. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, ó bi mí pé, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kò sí edé nínú ẹ̀gúsí yìí? Ara mi kò gba edé.” Èmi kò wọ ilé ìdáná láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni mo ti ń gba àwo. Mo wo ọbẹ̀ náà, n kò rí edé kankan. Mo dáhùn pé, “Kò sí rárá, sà.” Bẹ́ẹ̀ edé gbígbẹ tí wọ́n bá ti lọ̀ kúnná kì í ṣe ohun tí ojú lè rí nínú ẹ̀gúsí. Kò pẹ́ rárá tí ètè ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí wú, ọ̀fun rẹ̀ ń dí, ó ń mí bí ẹni tó sá eré jíjìn. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú.

Nígbà tí oṣù parí, máníjà yọ owó oúnjẹ náà àti owó táksí tó gbé e lọ kúrò nínú owó mi. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ owó yẹn kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ọkùnrin yẹn ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe, ó béèrè. Èmi ni mo dá a lóhùn lórí ohun tí n kò mọ̀, nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti orí “Ẹ káàbọ̀, sà.” Ilé ìdáná ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àràárọ̀, kí ilé oúnjẹ tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹ lọ bá alásè. Kí ẹ kí i dáadáa, nítorí pé iná ló wà, kò fẹ́ ìyọlẹ́nu. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ bi í lórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Èkíní, kí ló wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí? Èkejì, báwo ni ata rẹ̀ ṣe rí lónìí? Ẹ̀kẹta, àwo mélòó ló lè jáde nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, èwo ni kò tíì jinná, ìgbà wo ni yóò sì jinná? Bí alásè bá gbà fún yín, kí ẹ tọ́ ọ wò, ṣíbí kékeré kan ti tó. Kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú bébà pélébé, kí ẹ fi sápò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bébà àná, nítorí pé ata àná lè yàtọ̀ sí tòní.

Ìbéèrè èkíní yẹn ni kí ẹ má ṣe fojú kéré. Edé lílọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ rírò. Ó tún máa ń wà nínú mọ́ínmọ́ín, níbi tí ẹyin àti ẹja tún lè wà. Ìkọ́kọrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú, tí a fi ewùrà tí a rin ṣe, kì í sábà ṣaláì ní ẹja àti edé. Ata tí wọ́n ń fi pa súyà lára máa ń ní ẹ̀pà tí a lọ̀, àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀wà ni a fi ṣe gbẹ̀gìrì, kò sì yẹ kí edé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bu oúnjẹ bá ti ki ìgbakọ bọ inú ẹ̀gúsí tó tún fi kan náà bu gbẹ̀gìrì, edé ti wọ ibẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí oníbàárà bá sọ pé ara òun kò gba nǹkan kan, kí ẹ sọ fún alásè kí ó mú ìgbakọ mìíràn tí a ti fọ̀, kí ó sì bu àwo náà lọ́tọ̀.

Bí ẹ kò bá mọ̀ ńkọ́? Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín há sórí lónìí. Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi alásè, mò ń bọ̀ báyìí.” Kí ẹ sì lọ ní tòótọ́. Mo mọ wétà kan tó máa ń rìn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí yóò dúró níbẹ̀ díẹ̀, tí yóò sì padà wá sọ pé alásè ní kò sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ burú ju èmi lọ lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn. Bí alásè fúnra rẹ̀ kò bá dá a lójú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, kí ẹ sì fi oúnjẹ mìíràn tí ó dá yín lójú hàn án.

Ó tó àkókò wàyí láti lọ sídìí tábìlì. Kí ẹ kí ènìyàn bó ṣe yẹ ọjọ́ orí rẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà.” “Ẹ káàbọ̀, ìyá.” Kódà bí ó bá jẹ́ ọmọdé bíi tiyín ló wọlé, “ẹ” ni kí ẹ máa lò fún un títí yóò fi jáde. Kí ẹ gbé omi kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe ka gbogbo oúnjẹ bí ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò. Bí ẹ bá ka oríṣi méjìlá láìmí, èyí tí ẹ pè kẹ́yìn nìkan ni oníbàárà yóò rántí. Ìbéèrè kan ni kí ẹ fi ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀: “Ṣé òkèlè ni ẹ ó jẹ, sà, tàbí ìrẹsì, tàbí ohun tí kò wúwo?” Ìgbà tó bá ti dáhùn ni ẹ ó wá dárúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀wọ́ náà. Bí ohun kan bá ti tán, kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ pé iyán wà, tí itọ́ ti sọ lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ wá padà wá sọ fún pé ó ti tán, inú rẹ̀ kò ní dùn sí ohun mìíràn tí ẹ bá gbé wá.

Bí ó bá wá béèrè pé, “Kí ni a fi ṣe èyí?” ohun mẹ́ta ni kí àlàyé yín ní. Kí ẹ sọ ohun tí a fi ṣe é, kí ẹ sọ bí yóò ṣe rí lẹ́nu, kí ẹ sì sọ ohun tó bá a wá àti iye rẹ̀. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ gbọ́ bí èmi yóò ṣe ṣe ti abùlà fún ìyá kan tí kò mọ̀ ọ́n:

“Abùlà nìyí, mà. Àmàlà tí a fi èlùbọ́ iṣu rò ni, ó dúdú díẹ̀, ó sì rọ̀. Gbẹ̀gìrì tí a fi ẹ̀wà sè àti ewédú tó ń yọ̀ ni a ó bù sí i, a ó wá fi ọbẹ̀ ata lé e. Ata rẹ̀ wà níwọ̀nba lónìí. Iye báyìí ni àwo kan, ẹran sì ní owó tirẹ̀.”

Ti ìrẹsì ọ̀fadà nìyí:

“Ìrẹsì ilẹ̀ wa ni, mà, a kò bó o funfun bíi ti òkè òkun, nítorí náà ó ní òórùn tirẹ̀. Ata tútù àti irú ni a fi se ọbẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú epo pupa tí a ti yọ́ dáadáa, ẹyin àti orogún ẹran sì wà nínú rẹ̀. Ó máa ń ta lẹ́nu gan-an o.”

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ pé “ó dùn.” Kò sí wétà tí kò ní sọ pé oúnjẹ ọ̀gá òun dùn, nítorí náà oníbàárà kò rí nǹkan kan mú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ó ń yọ̀, pé ó ní òórùn irú, pé ó ta, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò mọ̀ pé tòun ni, ẹni tí kò fẹ́ yóò sì yà fún un kó tó di ìjà. Bí ó bá bi yín pé, “Ìwọ ńkọ́, èwo lo máa jẹ?” ẹ fún un lésì òtítọ́: “Èmi, àmàlà ni mo jẹ lónìí, sà, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.”

Ọ̀rọ̀ ẹran ni ó ń dá ìjà jù sílẹ̀. Ẹyọ ẹyọ ni a ń ta ẹran ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, oníbàárà sì lè rò pé ó wà nínú owó àwo. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní àmàlà méjì pẹ̀lú ọbẹ̀ jẹ́ 1,500 náírà, ẹyọ ṣàkì jẹ́ 700, pọ̀nmọ́ jẹ́ 400. Oníbàárà ní kí ẹ “fi ẹran sí i.” Wétà kan lọ, ó kó ṣàkì méjì àti pọ̀nmọ́ kan sí i. Nígbà tí ìwé owó dé, ó di 3,300. Ọkùnrin náà ní 2,500 lápò, ó ń lérí pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ìbá rọrùn bí wétà náà bá ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé, “Ṣàkì jẹ́ 700 lẹ́yọ, pọ̀nmọ́ jẹ́ 400. Mélòó mélòó ni kí n fi sí i, sà?” Ọkùnrin náà ìbá mú ṣàkì kan, 2,200 ni ìbá san, ìbá sì padà wá lọ́la.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun mímu. Ibí ni ọ̀pọ̀ wétà ti ń ṣìwà hù láìmọ̀. Àwọn kan yóò dúró ti ènìyàn lórí bí ọlọ́pàá, wọn yóò ní, “Kí lẹ máa mu?” bí ẹni pé dandan ni. Àwọn mìíràn yóò ní, “Ṣé ẹ kò ní mu nǹkan kan ni?” Ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹ sọ fún ènìyàn pé ahun ni. Bí èmi ṣe kọ́ ọ nìyí. Lẹ́yìn tó bá ti yan oúnjẹ, kí ẹ dárúkọ ohun méjì tó bá oúnjẹ náà mu, kí èyí tí kò ní ọtí ṣáájú, kí ẹ sọ iye wọn, kí ẹ wá dákẹ́: “Zóbò tútù wà, sà, bíà náà wà. Ṣé kí n gbé ọ̀kan wá, tàbí omi yìí ti tó?” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀wọ̀ inú rẹ̀. Ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní owó, fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí, àti fún ẹni tí omi nìkan wù, láì jẹ́ pé ó ń ṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹ má ṣe béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní kí ẹ dárúkọ ohun tó bá oúnjẹ mu. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ ata. Ohun tó ń ta nínú ata kì í yọ́ nínú omi, ìdí nìyí tí ẹni tí ata ń jó fi ń da omi mu tí kò sì rí ìtura. Ohun mímu tó ń hó, bíi mínírà àti bíà, tún lè mú kí ó ta sí i lórí ahọ́n. Ohun tútù tó dùn díẹ̀ tí kò hó, bíi zóbò, máa ń tu ẹnu díẹ̀, wàrà ló sì dára jù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá mú ọ̀fadà tó ta, zóbò ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Zóbò yìí, òdòdó isápá pupa gbígbẹ ni a sè, pẹ̀lú ata ilẹ̀. Kí ẹ bi alásè bóyá ó ti fi ṣúgà sí i, nítorí pé àwọn kan yóò béèrè. Bí ẹmu bá wà, kí ẹ sọ ìgbà tí wọ́n gbé e dé. Ẹmu òwúrọ̀ dùn, ọtí inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ọtí rẹ̀ sì ti le. Ẹni tó bá fẹ́ ti òwúrọ̀ tí ẹ gbé ti ìrọ̀lẹ́ fún kò ní gbàgbé yín. Ohunkóhun tó bá wà nínú ìgò, kí ẹ fi ìgò náà han oníbàárà, kí ẹ sì ṣí i lójú rẹ̀. Ìgò tí a ti ṣí láti ẹ̀yìn ń fa ìfura, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ wà níbí, ẹ fi etí sí apá tó kàn yìí, tiyín ni. Ìgò bíà ńlá 60 sẹ́ńtílítà, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú. Ìgò sítáòtù bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 ní gíráàmù 36. Ara ènìyàn kì í lè jó ju bíi gíráàmù 7 sí 10 lọ ní wákàtí kan. Omi tútù kò lè mú un yá, kọfí kò lè mú un yá, oorun ìṣẹ́jú ogún kò lè mú un yá. Nítorí náà, ìgò bíà kan yóò wà lára fún bíi wákàtí mẹ́ta, ìgò sítáòtù kan yóò wà fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó mu bíà kan ní Ìbàdàn kó tó gba ọ̀nà Èkó, ọtí yẹn yóò bá a dé Èkó bí ọ̀nà bá dá.

Kí ni kí wétà ṣe? Wétà kì í ṣe ọlọ́pàá, kò sì lè já ìgò gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí òun ni yóò fi ọtí lọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè, kí wétà rọra bi í pé, “Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ó padà sídìí ọkọ̀ lónìí?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, “Mọ́ọ̀tì tútù wà o, kò ní ọtí nínú. Ṣé kí n gbé e wá?” Bí ó bá ta kú, kí ẹ lọ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ilé oúnjẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń fún wétà lẹ́bùn bí ó bá ta páálí ọtí tó pọ̀. Ẹ̀bùn yẹn ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wétà bá ń bi awakọ̀ pé kí òun tún gbé ìkejì wá.

Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan. Aago méjì ọ̀sán ni. Ènìyàn mẹ́ta wọlé papọ̀: awakọ̀ tírélà kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ti ìlú kan wá, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò jẹ abùlà rí. Wétà náà, ọmọbìnrin ni, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá, ó gbé omi kalẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà. Iyán ti tán lónìí, ẹ má bínú. Ṣé òkèlè ni ẹ fẹ́, tàbí ìrẹsì?”

Awakọ̀ ní àmàlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin béèrè pé kí ni ọbẹ̀ yẹ́lò yẹn. Ó dá a lóhùn: “Gbẹ̀gìrì ni wọ́n ń pè é, sà. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ ni, a sè é títí ó fi yọ́. Kò ta púpọ̀. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́ rí, mo lè bu díẹ̀ wá kí ẹ tọ́ ọ wò.” Ó bu ṣíbí kan wá nínú àwo kékeré. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó gbà á.

Ìyá ní, “Ọmọ mi, dókítà ní kí n ṣọ́ra fún ṣúgà. Kí ni kí n jẹ?” Ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe dókítà. Ọmọ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìyá, n kò lè sọ èyí tó dára fún ara yín, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò wà, edé àti ẹja wà nínú rẹ̀. Àmàlà, mo lè bu èyí tó kéré fún yín, iye rẹ̀ yóò sì dín. Zóbò òní ti ní ṣúgà nínú.” Ìyá mú àmàlà kékeré kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ó ní omi tó wà nílẹ̀ ti tó òun. Ọmọ náà ní, “Ó dára, mà,” kò sì tún dárúkọ ohun mímu kankan fún un mọ́.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọkùnrin: “Zóbò tútù wà, sà, mọ́ọ̀tì náà wà. Ṣé kí n gbé e wá, tàbí kí n fi omi kún omi?” Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ti rí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, àbí?” Ó mú mọ́ọ̀tì. Kí ó tó lọ, ọmọ náà tún ohun gbogbo kà padà fún wọn pẹ̀lú iye rẹ̀, títí kan ẹran. Ìgbà tí ìwé owó dé, kò sí ẹni tó ya ẹnu.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yín bá ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo àwo tó ń padà sí ilé ìdáná. Bí oúnjẹ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àlàyé yín kò bá oúnjẹ náà mu, ẹ lọ tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àríyànjiyàn bá ń wà nídìí ìwé owó lójoojúmọ́, ẹ kò dárúkọ iye nígbà tó yẹ.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, tó ti wà láti 1974, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí ó bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó fa òfò, tàbí pé àìkíyèsára rẹ̀ ló fà á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, iye tó bá sì yọ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Máníjà mi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì mọ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá yọ owó àwo tí oníbàárà dá padà lára owó yín, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, kí ẹ mú un wá fún aṣojú yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé òfin lè gba owó padà fún yín. Kò lè gba ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé padà.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Ó yá, ẹ dìde ní méjì méjì. Ẹnìkan ni oníbàárà, ẹnìkan ni wétà. Ẹ fi ìrẹsì ọ̀fadà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé “ó dùn” yóò padà sẹ́yìn, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Alásè wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ bi í bóyá edé wà nínú ọbẹ̀ òní.